Ohun tó wà lábẹ́ ìlà tí a fi wọ́gi lé gbèsè

Bí ẹnì kan bá fún ọ ní ìwé àwìn oníṣòwò pé kí o bá òun tẹ̀ ẹ́ sínú àtẹ lórí kọ̀ǹpútà, ohun àkọ́kọ́ tó máa wù ọ́ láti ṣe ni kí o tún un ṣe. Ìlà tí wọ́n ti wọ́gi lé, wàá fò ó. Nọ́ńbà tí epo ti bà jẹ́, wàá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo, tàbí kí o fojú díwọ̀n rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tí o bá parí, àtẹ rẹ á mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà nínú ìwé náà á ti jò dànù. Èrò tèmi ni pé ohun tí oníṣòwò wọ́gi lé ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ jù lọ nínú ìwé rẹ̀, àti pé ẹni tó bá fara balẹ̀ lè fi ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ lásán gba ohun tí epo bò mọ́lẹ̀ padà. Ojú ewé kan ṣoṣo ni màá fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ìwé ọmọ ilé-ìwé ni ìwé náà, irú èyí tí àwọn Faransé fi ń kọ́ ọmọ láti kọ̀wé: onígun mẹ́rin kéékèèké, ìlà pupa kan lápá òsì. Ìyá kan, ọmọ Èjìgbò, tó ń ta abọ́ tánganran, òwú ìránṣọ àti àgádágodo nínú ọjà Bùaké ló ni ín. Ìyá ti lọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbà mí láyè láti ya àwòrán rẹ̀, ìwé fúnra rẹ̀ kò sì kúrò nílé wọn. Èmi kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó jẹ gbèsè nínú ìwé náà ní ọmọ láyé, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ka orúkọ ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ayé nítorí abọ́ mẹ́rin. Ó dára tó jẹ́ pé ìyá fúnra rẹ̀ kì í sábà kọ orúkọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń kọ: Ìyá Alátíẹkẹ́, Télọ̀, Ìyá Olónjẹ.

Ẹni tó bá mọ Èjìgbò, Ìnísà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní bi mí léèrè ohun tí ìyá náà ń wá ní Bùaké. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣòwò ní Aifọri Kóòsì, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Ànàgó. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló fi ṣọ́ọ̀bù àti àwìn tí wọ́n tà sílẹ̀ níbẹ̀. Oníṣòwò tó bá ti rí irú èyí, tàbí tí òbí rẹ̀ rí i, mọ̀ pé àwìn tí kò sí nínú ìwé kò sí níbì kankan.

Ọjọ́ tó wà lórí ojú ewé tí mo mú yìí ló jẹ́ kí n mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1994, ó sì parí ní ọjọ́ 14. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí ni owó já. Ní alẹ́ Túsìdeè, ọjọ́ 11 oṣù náà, ní Dàkáà, wọ́n kéde pé fáráǹkì sẹ́fà tó jẹ́ 50 sí fáráǹkì Faransé kan láti ọjọ́ pípẹ́ ti di 100 sí ẹyọ kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní oṣù kan tí Félix Houphouët-Boigny kú, ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1993 ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọlọ́jà kò ṣòro: ọjà òkèèrè tí ènìyàn ń fi 5.000 sẹ́fà rà ní Mọ́ńdè, 10.000 ni wọn yóò máa fi rà á láti Wẹ́sìdeè. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni oníṣòwò ṣe pẹ̀lú ọjà tó ti tà láwìn kí ìkéde náà tó dé? Ìwé ìjọba kò dáhùn ìyẹn. Ìwé àwìn lè dáhùn rẹ̀, bí a bá kà á bó ṣe yẹ.

Àwòrán ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò lo iná fóònù rárá, nítorí ó máa ń tàn lórí bébà, á sì pa àmì tó rẹ̀wẹ̀sì rẹ́. Mo ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: ìkíní nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ lẹ́bàá fèrèsé, ìkejì pẹ̀lú iná kékeré tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń ra lórí bébà. Èyí ìkejì yìí ló ṣe pàtàkì fún ibi tó bàjẹ́. Bírò ni ìyá fi kọ̀wé, bírò sì máa ń tẹ bébà mọ́lẹ̀. Bí yíǹkì bá tilẹ̀ ti dàlú, ipa tí bírò tẹ̀ sínú bébà ṣì máa ń wà, iná ẹ̀gbẹ́ á sì jẹ́ kí òjìji rẹ̀ hàn. Nígbà mìíràn, ẹ̀yìn bébà ni a ti máa rí i, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ fọ́ àpá. Mo tún ya gbogbo ojú ewé láti èèpo dé èèpo, títí kan èyí tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, kí n má baà ṣi ojú ewé mú bí mo bá délé.

Lẹ́yìn èyí ni ìdàkọ. Àtẹ méjì ni mo máa ń ṣe, mi ò sì gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀. Àtẹ àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tí ojú rí: ìlà kan nínú ìwé, ìlà kan nínú àtẹ, pẹ̀lú ohun tó bàjẹ́ àti ohun tí wọ́n wọ́gi lé. Àtẹ kejì ni mo ti ń kọ ohun tí mo gbà pé ó túmọ̀ sí, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bí àròjinlẹ̀ bá wọnú àtẹ àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ mọ́ lọ́la pé èyí ni ìyá kọ, èyí ni èmi rò. Báyìí ni àtẹ àkọ́kọ́ ojú ewé náà rí:

```
ila;ojo;eni;oja;iye;okookan;apapo;ami
1;8/1;Iya Alatieke;abo;6;750;4.500;ila gigun
2;8/1;Telo;owu;10;150;1.500;
3;10/1;Iya Olonje;abo;4;[?]50;3.[?]00;epo
4;11/1;Iya Elepo;basin nla;2;3.000;6.000;ila gigun
5;13/1;Iya Alaso;abo;5;750>1.100;3.750>5.500;ila kukuru
6;14/1;Agbenagbena;agadagodo;3;1.200;3.600;
```

Àmì `[?]` dúró fún nọ́ńbà kan tí n kò rí kà. Àmì `>` túmọ̀ sí pé wọ́n wọ́gi lé èyí tó wà lápá òsì, wọ́n sì kọ èyí tó wà lápá ọ̀tún rọ́pò rẹ̀. Nísàlẹ̀ ojú ewé, ìyá kọ 24.100, ó wọ́gi lé e, ó sì kọ 13.600 sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo àmì ìdúró tó wà nínú 4.500. Bí ìyá ṣe ń kọ ẹgbẹ̀rún nìyẹn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú Excel tí wọ́n tò ní ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, 4.5 ló máa kà, 750 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì wà ní 750. Ìròpọ̀ á jáde láìsí ariwo kankan, irọ́ ni yóò sì jẹ́. Nínú àtẹ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni mo fi nọ́ńbà ṣe, kí ẹ̀rọ má baà fọwọ́ kàn án. Nínú àtẹ kejì ni mo ti yọ àmì ìdúró kúrò. Ọ̀nà kan tún wà láti ṣọ́ ọ: ní ọjà sẹ́fà, odo tàbí 5 ni iye owó máa ń parí sí. Nọ́ńbà owó tí 5 kò bá pín dọ́gba, lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bùaké tún ní ọ̀fìn tirẹ̀. Àwọn Júlà kì í fi fáráǹkì kọ̀ọ̀kan ka owó, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi ń kà á, tí wọ́n ń pè ní dọrọmẹ. Ẹni tó bá sọ pé ọgọ́rùn-ún ní èdè wọn, 500 fáráǹkì ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò lè ya àwọn àgbàlagbà wa lẹ́nu, àwọn tó ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní sílè kan lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti pààrọ̀ pọ́ùn sí náírà ní ọdún 1973. Oníṣòwò tó ń gbọ́ owó ní Júlà lè kọ nọ́ńbà tó gbọ́ sílẹ̀ láìsọ ọ́ di fáráǹkì. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà náà á kéré ní ìlọ́po márùn-ún sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ní bá àròpọ̀ ìsàlẹ̀ mu. Lójú ewé yìí, fáráǹkì ni gbogbo rẹ̀.

Ó ku àwọn ìlà tí wọ́n wọ́gi lé. Oríṣi méjì ló wà níbí. Ìlà 1 àti ìlà 4 ní ìlà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ títí dé orí owó. Bírò pupa ni wọ́n fi fà á, nígbà tó jẹ́ pé bírò aláwọ̀ aró ni wọ́n fi kọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bírò yàtọ̀, nítorí náà ọjọ́ yàtọ̀. Èyí kì í ṣe àṣìṣe, gbèsè tí wọ́n ti san ni. Àmọ́ ẹnì kan lè sọ pé bóyá ńṣe ni oníbàárà dá ọjà padà. Ìyá ní ọ̀nà tirẹ̀ fún ìyẹn: lójú àwọn ewé mìíràn, ó kọ “dápadà” sí ẹ̀gbẹ́ irú ìlà bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò bá kọ ọ́, owó ló gbà. Ìlà 5 yàtọ̀ pátápátá. Ìlà kúkúrú ni, orí nọ́ńbà méjì nìkan ló wà, bírò aláwọ̀ aró kan náà ni wọ́n sì fi fà á. Ìyẹn ni àtúnṣe. Oríṣi kẹta wà lójú àwọn ewé mìíràn, ìlà tó ní ọfà ní ìdí, tó túmọ̀ sí pé gbèsè náà ti lọ sí ojú ewé tó kàn. Ẹni tó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní “èyí tí wọ́n pa rẹ́” ti da ẹni tó san gbèsè, ẹni tó ṣì jẹ ẹ́ àti ọjà tó gbówó lórí pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ìlà 3, níbi tí epo pupa kán sí. Abọ́ mẹ́rin ni. Iye ẹyọ kan parí sí 50, àròpọ̀ ìlà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3, ó sì parí sí 00. Ìsọdipúpọ̀ nìkan kò tó láti yanjú rẹ̀: mẹ́rin lọ́nà 750 jẹ́ 3.000, mẹ́rin lọ́nà 850 jẹ́ 3.400, mẹ́rin lọ́nà 950 sì jẹ́ 3.800. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá ohun tí mo rí mu. Àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ló máa dá wa lẹ́jọ́. Bí a bá ro àwọn ìlà márùn-ún yòókù pọ̀, tí a lo iye tuntun fún ìlà 5, a ó rí 4.500, 1.500, 6.000, 5.500 àti 3.600, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 21.100. Ìyá kọ 24.100. Ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ 3.000 géérégé. Abọ́ náà 750 ni, bíi ti Ìyá Alátíẹkẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí 24.100 fi lè jáde? Mo dán an wò pẹ̀lú iye àtijọ́ ìlà 5, ìyẹn 3.750. Àwọn márùn-ún á jẹ́ 19.350, ìlà 3 á sì ní láti jẹ́ 4.750. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí 3 tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà hàn kedere, òpin rẹ̀ sì jẹ́ 00. Nítorí náà ìṣirò kan ṣoṣo yìí sọ ohun méjì fún wa: epo náà bo 3.000, ìyá sì ti yí iye ìlà 5 padà kó tó ṣe àròpọ̀ ojú ewé.

Mo tún fẹ́ kí ẹ kíyè sí 13.600. Òun náà bára mu: 24.100, yọ 4.500 àti 6.000 kúrò. Ó fi hàn pé lóòótọ́ ni wọ́n ti san gbèsè méjèèjì tó ní ìlà pupa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlẹ́rìí kejì fún ìlà 3, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìyá kàn yọ owó méjì náà kúrò nínú 24.100 láìtún ìyókù rò. Ẹlẹ́rìí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ kò sọ ọ̀rọ̀ náà di òótọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo èyí dúró lórí pé ìyá mọ ìṣirò. Kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé e, mo yẹ àwọn ojú ewé tí ohunkóhun kò bàjẹ́ lórí wọn wò, àròpọ̀ rẹ̀ sì ń bára mu. Bí ó bá jẹ́ pé ó máa ń ṣì í, n kò ní fi àròpọ̀ rẹ̀ dí ihò kankan. Màá fi `[?]` sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá sì kọ sí àtẹ kejì pé 3.000, 3.400 tàbí 3.800 ni. Àyè òfo tó jẹ́ òótọ́ sàn ju nọ́ńbà tó lẹ́wà lọ.

Ní báyìí, ìlà 5. Ọjọ́ Tọ́sìdeè, 13, ọjọ́ kejì tí owó tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá kọ 750, ó wọ́gi lé e, ó kọ 1.100. Bí ó bá jẹ́ pé 750 nìkan ló wọ́gi lé, à bá ní ọwọ́ ló tàsé, pé iye àtijọ́ ló mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n ó ti kọ 3.750 náà tán. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ti parí ìlà náà ní iye àtijọ́, kó tó padà wá yí i. Ìpinnu ni, kì í ṣe ọwọ́ tó tàsé. Àwọn ojú ewé tó tẹ̀ lé e sì jẹ́rìí sí i, nítorí 1.100 ni abọ́ kan náà wà níbẹ̀.

Láti 750 sí 1.100, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ni iye fi lọ sókè. Ní gbogbo ọdún 1994, iye ọjà ní Aifọri Kóòsì lọ sókè ní nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún lápapọ̀. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, nítorí iṣu àti ẹ̀gẹ́ tó ti oko Bùaké wá wà nínú àpapọ̀ yẹn, abọ́ tánganran sì jẹ́ ohun tí a ń gbé wọ̀lú. Ìyá ti ra abọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní iye àtijọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó tó máa fi ra òmíràn ló ń wò.

Ẹ wá fi ìlà 3 wé e. Ìyá Olónjẹ gbé abọ́ mẹ́rin ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 10, kò sì tíì san kọ́bọ̀ nígbà tí ìyá ṣe àròpọ̀. Ìyá mú bírò lọ́wọ́, ó ti yí iye ìlà 5 padà, ó ti kọ iye tuntun sí i. Kò sí ohun tí kò jẹ́ kó yí ti ìlà 3 náà padà sí 4.400. Kò yí i. Ìlà 2, òwú Télọ̀, kò yí i pẹ̀lú. 3.000 tí Ìyá Olónjẹ jẹ lè ra abọ́ mẹ́rin ní ọjọ́ tó gbé e. Ní ọjọ́ kẹta sí i, abọ́ méjì ni yóò rà, 800 á sì ṣẹ́kù. Ìyá ló gbé àdánù yẹn.

Mo bi ọmọ rẹ̀ pé, “Àǹtí, ṣé ìyá yín gbàgbé ìlà yìí ni?” Wọ́n wo àwòrán náà dáadáa. Wọ́n ní, “Ìyá mi kì í gbàgbé owó. Ohun tí wọ́n ti gbé lọ kí owó tó já, wọ́n ti gbé e lọ nìyẹn. Ẹni tó bá gbé e lẹ́yìn ìyẹn, á gbọ́ iye tuntun.” Mo bi wọ́n nípa Ìyá Aláṣọ tó wà ní ìlà 5. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn ṣì wà nílé-ìwé nígbà náà. Ohun tí wọ́n sọ jẹ́ ìrántí ọmọ nípa ìyá rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú òpó tirẹ̀ nínú àtẹ kejì, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ ohun tí bébà sọ. Ṣùgbọ́n bébà àti ìrántí bára mu níbí.

Ojú ewé kan kò lè sọ ohun tí gbogbo Ànàgó ní Bùaké ṣe ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó lè sọ ohun tí obìnrin kan ṣe: ó fi ìlà pín ọ̀sẹ̀ náà sí méjì, ó pa àdéhùn mọ́ ní apá kan, ó sì yí iye padà ní apá kejì. Láti mọ̀ bóyá àṣà ọjà ni tàbí ìwà tirẹ̀ nìkan, a nílò ìwé àwọn mìíràn láti oṣù kan náà, ní Bùaké, ní Àbíjàn, ní Lomé, ní Kutọnu. Wọ́n wà nínú àpótí. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, tó sọ Bùaké di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nílùú náà, a kò sì lè retí pé gbogbo ìwé ló bá wọn dé ilé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ta ko àṣà tó ti ń wọ́pọ̀ báyìí, níbi tí àwọn ọmọ ti ń da ìwé òbí wọn kọ sí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń kó nọ́ńbà tó kẹ́yìn nìkan, tí wọ́n sì ń sọ bébà nù. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojú ewé yìí, ìlà 1 àti ìlà 4 á di àwátì, bí ẹni pé Ìyá Alátíẹkẹ́ àti Ìyá Elépo kò ra nǹkan rí, kò sì san gbèsè rí. Ìlà 3 á di òfo. Ìlà 5 á di abọ́ márùn-ún ní 1.100, bí ẹni pé iye rẹ̀ kò jẹ́ 750 rí. Àròpọ̀ á tọ̀nà, 13.600, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí owó já kò ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, kó kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo rẹ̀, kó fi òpó kan sílẹ̀ nínú àtẹ rẹ̀ fún ohun tí wọ́n wọ́gi lé àti òmíràn fún àwọ̀ bírò tí wọ́n fi wọ́gi lé e, kó sì dá bébà padà sínú àpótí.